Ohun tí mo kọ́ nípa ìjàm̀bá iná òru ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ gba yàrá ní Odogunyan àti ní àwọn àdúgbò tó yí ọgbà ilé ìwé ká ní Ìkòròdú, iṣẹ́ wáyà ni mo ń ṣe, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń pè mí jù. Nínú gbogbo ohun tí mo ti rí níbẹ̀, ọ̀kan ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín dáadáa, nítorí pé òun ló ń kó mi láyà sókè jù: ilé tó ń gbiná ní òru nítorí pé Nẹ́pà mú iná lọ ní ìrọ̀lẹ́, tí kò sì sí ẹni tó yọ púlọ́ọ̀gì họ́ọ̀tù-pléètì kúrò lára ògiri.

Bí ó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé ẹ̀wà kaná ní nǹkan bí aago méje alẹ́. Ẹ̀wà kò tíì rọ̀ tí wọ́n fi mú iná lọ. Ó dúró títí, iná kò dé, ó sọ ìkòkò kalẹ̀, ó ra búrẹ́dì jẹ, ó sì lọ sí kíláàsì láti kàwé mọ́jú. Kò yí bọ́tìnnì padà sí ibi pípa, nítorí pé ohun tó ti tutù kì í rán ènìyàn létí pé ó ṣì wà ní títàn. Ẹnìkejì rẹ̀ wọlé nínú òkùnkùn, kò sí tábìlì nínú yàrá, ó gbé báàgì ìwé rẹ̀ lé orí họ́ọ̀tù-pléètì náà, ó sì jáde lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ní aago méjì òru, iná dé. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, irin náà ti pọ́n.

Mo wọ irú yàrá bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti pa iná rẹ̀, nígbà tí onílé fẹ́ kí n tún wáyà ilé náà fà. Bọ́tìnnì họ́ọ̀tù-pléètì náà ti yọ́ mọ́ ara rẹ̀, àmọ́ ó ṣì hàn gbangba pé ibi tó ga jù ni wọ́n yí i sí. Fóòmù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ṣẹ́ ku ju àwọn wáyà sípíríǹgì lọ. Ohun tí mo wò pẹ́ jù ni ògiri: èéfín ti sọ ọ́ di dúdú kirikiri láti àjà wá sísàlẹ̀, ó sì dúró ní ibi kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó orúnkún mi, tí ọ̀dà funfun ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì mọ́. Ibi tí ènìyàn ti lè rí afẹ́fẹ́ mí nínú yàrá náà ní òru ọjọ́ yẹn kò ju ìwọ̀n yẹn lọ. Nítorí náà ni a ṣe ń sọ pé kí ènìyàn rá kòrò jáde bí èéfín bá ti kún ilé, kí ó má ṣe dìde dúró.

Ohun kan wà tó ń mú kí òru burú ju ìrọ̀lẹ́ lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì kíyè sí i. Ní ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo àdúgbò ń lo iná, fóòtì lè wálẹ̀ sí 180. Họ́ọ̀tù-pléètì tí wọ́n ṣe láti mú wáàtì 1000 jáde lórí fóòtì 230 kò ní mú ju nǹkan bí 610 jáde lórí 180, ìdí nìyí tí ẹ̀wà fi ń pẹ́ jinná. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ti sùn tán, fóòtì lè padà sí 230, họ́ọ̀tù-pléètì kan náà yóò sì máa mú gbogbo ooru rẹ̀ jáde, láìsí ìkòkò tàbí omi lórí rẹ̀ tí yóò gba ooru náà.

Nítorí èyí, yíyí bọ́tìnnì nìkan kò tó. Bọ́tìnnì olówó pọ́ọ́kú máa ń bàjẹ́ nínú, ó sì lè wà ní ibi pípa kí iná ṣì máa kọjá. Ìṣẹ́jú tí wọ́n bá mú iná lọ ni kí ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá ń jáde. Bí ilé yín bá ní kíṣìnnì àjùmọ̀lò, ẹ bẹ onílé kí ó jẹ́ kí oníṣẹ́ iná fi kọ́ńtákítọ̀ alábọ́tìnnì sí ojú wáyà kíṣìnnì náà. Bí iná bá ti lọ, kọ́ńtákítọ̀ yóò já sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sì ní gba iná mọ́ títí ẹnì kan yóò fi wá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, òun ló bá ọ̀nà tí iná gbà ń lọ tó sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa mu jù.

Ọ̀rọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì ló kàn. Nínú yàrá oníbẹ́ẹ̀dì mẹ́rin, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ló sábà máa ń wà lára ògiri, ẹ̀sítẹ́ńṣàn kan ni wọ́n sì máa ń fà láti ibẹ̀ gba abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọjá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Họ́ọ̀tù-pléètì oníwáàtì 1000 àti kẹ́tùlù oníwáàtì 1500 jẹ́ 2500. Bí a bá fi fóòtì 230 pín in, ó jẹ́ nǹkan bí áńpù 11. Wáyà tó wà lára ọ̀pọ̀ ẹ̀sítẹ́ńṣàn pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí wọ́n ń tà lọ́jà kò ní agbára ju áńpù 6 lọ. Ooru inú wáyà kì í sì í pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú áńpù: bí áńpù bá di ìlọ́po méjì, ooru di ìlọ́po mẹ́rin. Ní áńpù 11, ooru inú wáyà yẹn ti ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tí wọ́n ṣe é fún lọ, pàápàá bí wọ́n bá ká a jọ tàbí tí wọ́n fi rọ́ọ̀gì bò ó.

Ọ̀pọ̀ ni yóò sọ pé fíúùsì wà nínú púlọ́ọ̀gì, pé yóò já bí ewu bá dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fíúùsì áńpù 13 ni wọ́n máa ń fi síbẹ̀, áńpù 11 kò sì kàn án rárá. Kódà bí ẹ bá fi áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1000 kún un tí ó di nǹkan bí áńpù 15, fíúùsì náà lè gbé e fún ìgbà pípẹ́ láìjá, nígbà tí rọ́bà ara wáyà ti ń rọ̀. Ohun tí ẹ̀yin fúnra yín lè fi mọ̀ ni èyí: púlọ́ọ̀gì tó gbóná débi pé ọwọ́ kò lè gbà á, ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, òórùn rọ́bà jíjó tàbí òórùn bí ti ẹja nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni kò ti dáná, àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń dún tatata nígbà tí kẹ́tùlù ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ má ṣe lo sọ́kẹ́ẹ̀tì náà mọ́ títí wọn yóò fi pààrọ̀ rẹ̀. Ohun tó ń mú ooru wá gbọ́dọ̀ wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri tààrà, ọ̀kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹ fi ẹ̀sítẹ́ńṣàn sílẹ̀ fún fóònù, kọ̀ǹpútà àti fáànù.

Mo dé ibi tó dùn mí jù. Ní ilé tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá tó jóná, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sùn lókè ni ìjàm̀bá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa. Ilẹ̀kùn onírin kan ṣoṣo ló wà ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, kiatéká ti fi àgádágodo tì í láti aago mẹ́wàá, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ lẹ́bàá géètì. Bọ́gúlárì wà ní gbogbo fèrèsé. Àwọn ará àdúgbò ló fi irin já àgádágodo náà láti ìta. Mi ò bá kiatéká wí nípa olè, olè wà lóòótọ́. Àmọ́ a mọ ibi tí irú títì bẹ́ẹ̀ lè já sí: ní oṣù kẹta 2001, ní ilé ìwé Kyanguli ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, ọmọ ilé ìwé 67 ló kú nínú yàrá ìsùn tí wọ́n ti ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn rẹ̀ méjì pa, tí irin sì wà lójú fèrèsé rẹ̀.

Ilẹ̀kùn lè ti mọ́ olè kí ó má sì ti mọ́ ẹni tó wà nínú ilé. Ọ̀pá ìdábùú tí a ń fà láti inú, tí kò nílò kọ́kọ́rọ́, tí wọ́n fi páànù bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ọwọ́ má baà lè wọlé láti ìta, ó dára ju àgádágodo lọ. Bí onílé bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ rí i pé kọ́kọ́rọ́ kejì wà lórí ìṣó nínú ilé, nítòsí ilẹ̀kùn ṣùgbọ́n níbi tí ọwọ́ olè kò lè dé, kí gbogbo ẹni tó ń gbé ilé náà sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i nínú òkùnkùn rí. Ní ti fèrèsé, ó kéré tán, kí bọ́gúlárì kan ní ìpele kọ̀ọ̀kan jẹ́ èyí tó ní ìdè tó ń ṣí.

Èéfín kì í jí ẹni tó ń sùn. Imú kì í gbóòórùn dáadáa lójú oorun, kábọ́ọ̀nù mọnọ́síàdì tó wà nínú èéfín kò sì ní òórùn kankan. Ńṣe ló ń mú oorun jinlẹ̀ sí i. Nítorí náà ni ilé gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò pariwo. Aago èéfín oníbátìrì kò nílò Nẹ́pà. Àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́nu àwọn yàrá ìsùn ni kí ẹ kàn án mọ́, kí ó jìnnà sí kíṣìnnì kí èéfín oúnjẹ má baà máa mú un ké lásán, nítorí pé aago tó ń ké lásán ni àwọn ènìyàn máa ń yọ bátìrì rẹ̀. Bọ́tìnnì kan wà lára rẹ̀ tí ẹ lè fi dán an wò; ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lóṣooṣù, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ lálẹ́, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ẹni tó ti ilẹ̀kùn yàrá ìkẹyìn yóò gbọ́ ọ. Bí kò bá gbọ́ ọ, ẹ fi òmíràn sí ìhà tirẹ̀. Níbi tí owó rẹ̀ kò bá sí, agogo onírin tí wọ́n fi kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sàn ju òfo lọ, àmọ́ ẹni tó bá jí nìkan ló lè lù ú.

Bí iná bá ti ń jó ju ohun tí búláńkẹ́ẹ̀tì lè bò lọ, ẹ má ṣe da omi sí họ́ọ̀tù-pléètì tí iná mànàmáná ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ jáde, ẹ pa ilẹ̀kùn yàrá náà dé lẹ́yìn yín láìfi kọ́kọ́rọ́ tì í, nítorí pé ilẹ̀kùn tó pa dé máa ń fa èéfín sẹ́yìn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tí àwọn tó wà lókè fi lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹ pa bírékà ńlá bí ó bá wà lójú ọ̀nà àbájáde, kí ẹ tó pe 767 tàbí 112. Orúkọ họ́sítẹ̀lì kò tó fún àwọn panápaná, nítorí pé ọ̀pọ̀ òpópónà wa kò ní àmì. Ẹ kọ orúkọ ibùdókọ̀ tó súnmọ́ yín jù, ìyànà tí wọn yóò gbà, àti àwọ̀ géètì ilé yín, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.