Ẹ Má Wá “Lagos” Nìkan

Ẹ̀yin àbúrò mi nínú iṣẹ́ ìwádìí, oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa fẹ̀yìn tì, àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí ọ̀kan nínú yín tó ń fi “Lagos” wá ìtàn Èkó nínú ìwé àwọn Pọtogí ti àwọn ọdún 1790. Ó rí ìwé tó pọ̀, inú rẹ̀ dùn. Ìlú Lagos tó wà ní gúúsù ilẹ̀ Pọtogí ni gbogbo rẹ̀ ń sọ.

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó yí orúkọ padà àti ìdí rẹ̀. Bathurst di Banjul ní 1973, Salisbury di Harare ní 1982, torí orúkọ àwọn ìjòyè òyìnbó ni, ìjọba tuntun ò sì fẹ́ ẹ mọ́. Irú ìyẹn rọrùn, ó ní ọjọ́ tí wọ́n yí i. Ti Èkó ò rí bẹ́ẹ̀. Àwa ará Ìsàlẹ̀ Èkó ò fi “Èkó” sílẹ̀ rí. Àwọn àlejò tó ń kọ̀wé ló ń pè é bó ṣe wù wọ́n. Máàpù àtijọ́ kọ “Lago de Curamo” sí ọ̀sà wa, ẹ sì ṣì ń gbọ́ Kuramo ní Victoria Island. Àwọn Pọtogí àti ará Bùràsíìlì kọ “Onim”. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn kọ “Lagos”, òun ló sì wà nínú àdéhùn August 6, 1861, níbi tí wọ́n ti sọ Dòsùnmú ọba Èkó di “Docemo”.

Ẹ̀kejì, ẹ wo ibi tí orúkọ náà dúró sí. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí. Ibi iṣẹ́ kan tí mo wà fẹ́ ṣe àfihàn nípa Èkó àti Bùràsíìlì, mo sì kó àwọn ìwé Onim wá. Ọ̀gá wa ní òun ò mọ ibi tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n kó wọn kúrò. Mo tẹ́ ìwé sílẹ̀ níwájú rẹ̀: tí àwọn oníṣòwò bá ń ka èbúté láti ìwọ̀ oòrùn, wọ́n á ní Ajudá, Porto-Novo, Badagry, lẹ́yìn náà Onim. Èbúté wo ló tún wà lẹ́yìn Àgbádárìgì bí kò ṣe Èkó? Ó ní ìméfò ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà pé Èkó ò bá ìjọba Bùràsíìlì ṣe nǹkan kan kí àwọn Àgùdà tó padà wálé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní àwọn ọdún 1820, aṣojú ọba Onim ti dé Bùràsíìlì! Bàbá àgbà kan láti Pópó Àgùdà kà á lójú wa, ó mi orí, ó jáde. Èmi ni wọ́n rán pé kí n lọ bẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó wọ ilé àkójọ ìwé àtijọ́, ẹ kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú èdè àti àsìkò àwọn tó lò ó, kí ẹ sì wá gbogbo wọn. Ẹ má sì gba ọdún tí wọ́n tẹ máàpù gẹ́gẹ́ bí ọdún tí wọ́n ń lo orúkọ inú rẹ̀. Àwọn ayàmáàpù máa ń da orúkọ kọ láti ara máàpù tó ti pẹ́ ju tiwọn lọ. Ìwé ọ̀gá ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò.