Ohun tí oṣù Kẹta 2009 kọ́ mi nípa ríra ìpín tó ń gòkè

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú iṣẹ́ yìí,

Ní ọdún kìíní mi lẹ́nu iṣẹ́, mo gbé ètò kan lọ bá ọ̀gá mi. Lóṣooṣù ló ń to ìpín ilé-iṣẹ́ ńláńlá 500 ní Amẹ́ríkà láti èyí tó gòkè jù dé èyí tó já jù láàárín ọdún tó kọjá, ó ń ra àwọn tó wà lókè, ó sì ń yá àwọn tó wà nísàlẹ̀ tà, kí ó lè rà wọ́n padà nígbà tí wọ́n bá tún já. Mo ti dán an wò lórí iye owó àtijọ́, èrè ibẹ̀ sì dùn mọ́ mi. Ọ̀gá wo ìwé náà títí, ó ní, "Ọdún wo lo ti bẹ̀rẹ̀?" Mo ní, "2010 ni, sà." Ó ní, "Padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti 2007. Kí o tẹ àwọn orúkọ tí ètò rẹ máa tò ní ìparí oṣù Kejì 2009 sórí ìwé fún mi."

Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, Walmart àti McDonald's wà lápá òkè. Kì í ṣe pé wọ́n fò sókè. Ọjà ti wó débi pé ẹni tí kò ṣubú púpọ̀ ti di olórí. Nínú ìpín 30 inú òṣùwọ̀n ọjà Dow Jones, àwọn méjèèjì yìí nìkan ló gòkè ní 2008. Nísàlẹ̀ ni Citigroup wà pẹ̀lú àwọn báńkì yòókù. Ọ̀gá fi bírò pupa yí Citigroup ká, ó ní, "Èyí lo fẹ́ yá tà. Òun ló máa pa ọ́."

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta 2009, Citigroup já sí ìsàlẹ̀ dọ́là 1. Ní ọjọ́ 9, S&P 500, òṣùwọ̀n ọjà tó ń tọpa ìpín ilé-iṣẹ́ ńláńlá 500 ní Amẹ́ríkà, parí sí 676, ibẹ̀ ló sì ti yí padà. Nígbà tí oṣù Karùn-ún fi parí, Citigroup ti kọjá dọ́là 3. Àwọn olùwádìí Kent Daniel àti Tobias Moskowitz ti ṣírò oṣù mẹ́ta yẹn: ìdá kan nínú mẹ́wàá tó wà nísàlẹ̀ àtẹ gòkè ní 163%, àwọn tó wà lókè rí 8% péré. Ẹni tó fi dọ́là 100 ra ti òkè, tó sì yá ti ìsàlẹ̀ tà ní dọ́là 100, jèrè 8, ó pàdánù 163. Ohun tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn nìyí: ìgbà tí ọjà ń ṣubú kọ́ ni ètò yìí máa ń fọ́, ìgbà tí ọjà bá dédé dìde lẹ́yìn ìṣubú ńlá ni.

Kí ló dé tí àtẹ kò fi rí i? Ẹ wo bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀. A máa ń wo èrè oṣù 12 sẹ́yìn, a ó sì yọ oṣù tó gbẹ̀yìn kúrò, nítorí pé ìpín tó fò sókè jù láàárín oṣù kan sábà máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. `p` ni iye owó ìparí oṣù:

```python
score = p.shift(1) / p.shift(12) - 1
rank = score.rank(axis=1, ascending=False)
```

Ní ìparí oṣù Karùn-ún 2009, iye owó ìparí oṣù Kẹrin ni ètò yìí fi ń wé ti ìparí oṣù Karùn-ún 2008. Citigroup wà ní nǹkan bíi dọ́là 3 ní ti àkọ́kọ́, ó sì wà ní nǹkan bíi dọ́là 22 ní ti ìkejì. Ẹ pín in, ẹ ó rí àdánù tó tó 86%. Ìpín tó ti di ìlọ́po mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́ta ṣì jókòó sí ìdí àtẹ. (Bí ẹ bá wá iye owó yẹn lónìí, ẹ lè rí i ní ìlọ́po mẹ́wàá, nítorí pé Citigroup pa ìpín mẹ́wàá pọ̀ di ẹyọ kan ní oṣù Karùn-ún 2011. Bí a kò bá tún iye owó àtijọ́ ṣe, àtẹ yín á rò pé ó fò sókè ní ìlọ́po mẹ́wàá lóṣù yẹn, ẹ ó sì lọ rà á.)

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti yá ìpín tà mọ́ nínú ètò yìí. Mo ń ra 20 tó wà lókè, 5% owó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iye owó ọjọ́ ìṣòwò tó kẹ́yìn nínú oṣù ni mo fi ń tò ó, ọjọ́ kejì ni mo ń rà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ètò yín ra ìpín ní iye owó kan náà tó fi tò ó. Àṣìṣe yìí máa ń bu èrè tí kò sí kún èsì. Ìpín tí mo ti rà, n kì í tà á àfi bó bá já kọjá ipò 40. Èyí tó wà ní ipò 19 lóṣù yìí lè bọ́ sí 23 lóṣù tó ń bọ̀, kó tún padà sí 18, kò sì sí ohun tó yí padà lára rẹ̀. Bí owó ìṣòwò bá jẹ́ 0.2% lórí títà àti ríra pọ̀, tí ìdajì àtẹ sì ń yí lóṣooṣù, 1.2% ti lọ láàárín ọdún kan. Láàárín oṣù, n kì í fọwọ́ kàn án.

Ní ti ìdáàbòbò, èyí tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni dídín owó kù nígbà tí iye owó àwọn ìpín tí mo rà bá ń mì jù. Àwọn olùwádìí Pedro Barroso àti Pedro Santa-Clara ló fi hàn ní 2015 pé ìmì, ìyẹn bí èrè ojúmọ́ ṣe ń lọ sókè sódò tó, nínú àwọn ọjọ́ 126 tó kọjá ń sọ bí ewu oṣù tó ń bọ̀ ṣe máa tó. Àwọn fi 12% ṣe òṣùwọ̀n fún ètò tó ń rà, tó sì ń yá tà. Èmi tí mo ń rà nìkan ń lo 20%; `r` ni èrè ojúmọ́ àwọn ìpín tí mo rà:

```python
w = min(1, 0.20 / (r.tail(126).std() * 252**0.5))
```

Ká ní ìmì ojúmọ́ jẹ́ 2.5%, ti ọdún á tó 40%, `w` á sì jẹ́ 0.5. Ìdajì owó ló máa wà nínú ìpín, ìdajì á wà nílẹ̀. Òfin kejì ni pé bí S&P 500 bá wà nísàlẹ̀ àròpín iye owó ọjọ́ 200 rẹ̀ tó kẹ́yìn ní ìparí oṣù, n kì í ra ìpín tuntun; owó èyí tí mo bá tà á dúró. Òfin yìí ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni, ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó lò ó: oṣù Kẹfà 2009 ni ọjà tó padà sókè àròpín náà, ó sì ti gòkè ní nǹkan bíi 39% láti ọjọ́ 9 oṣù Kẹta kí ó tó débẹ̀. Mo fara mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n àwọn òfin méjèèjì kò lè dá ìyípadà ọjọ́ kan dúró. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá 2020, Pfizer kéde pé abẹ́rẹ́ kòrónà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, Zoom já ní 17%, Peloton já ní 20%, Carnival tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé àwọn arìnrìn-àjò gòkè ní 39%. S&P 500 fúnra rẹ̀ gòkè díẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń wo ọjà lápapọ̀ nìkan kò ní mọ̀ pé ilé ń jó. Zoom nìkan, ní 5% owó, kò lè mú ju 0.85% lọ. Ewu rẹ̀ ni pé gbogbo ohun tí ìjókòósílé ti gbé sókè ló já pọ̀ lọ́jọ́ kan. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi jẹ́ kí ẹ̀ka òwò kan ní ju ìpín 5 lọ nínú 20. Mo sì tún ń béèrè lóṣooṣù pé: ìròyìn kan wo ló lè já ìdajì àtẹ yìí pa pọ̀? Ẹ̀ka òwò tí wọ́n kọ sínú ìwé kì í fìgbà gbogbo dá a lóhùn. Ohun èlò eré ìdárayá ni Peloton ń ṣe, iṣẹ́ ìpàdé orí fídíò ni ti Zoom, síbẹ̀ ìdí kan náà ló gbé wọn gòkè.

Bí ẹ bá fẹ́ lò ó ní ọjà ìpín Èkó, ẹ ṣọ́ ọ. Níbẹ̀, ìpín kan kò lè já ju 10% lọ lójúmọ́, èyí tó dà bí ààbò títí ẹ ó fi gbé ìpín yín wá tà, tí ó ti já dé òpin ojúmọ́ náà, tí kò sì sí olùrà. Ìwọ̀n tí mo ń lò níbẹ̀ yàtọ̀: mo ń wo iye náírà tó ń yí lọ́wọ́ lójúmọ́ lórí ìpín náà, n kì í sì í rà ju ohun tí mo lè tà tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta bí ohun tí mo ń tà bá jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún ohun tó ń yí lọ́wọ́ lójúmọ́. Bí ìyẹn kò bá tó 5% owó mi, èyí tó bá jẹ́ ni mo rà.