Bí ẹ bá ń gbé ọmọ wọ rélùwéè láti Mọ́níyà, àárín kóòṣì ni kí ẹ jókòó

Ọmọ mi pé oṣù mẹ́rìnlá nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e wọ rélùwéè láti Mọ́níyà lọ sí Èkó. Kẹ̀kẹ́ ọmọ ńlá ni mo tì lọ, mo sì fi báàgì kọ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí mo ṣe gbé ọmọ kúrò nínú rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, báàgì fa kẹ̀kẹ́ ṣubú sẹ́yìn, fùláàsìkì omi gbígbóná sì fọ́. Ọlọ́run ló yọ wá, kò dà sí ẹnikẹ́ni lára. Mo gbé kẹ̀kẹ́ dìde, kò gba àárín àwọn ìjókòó kọjá.

Láti ọjọ́ náà, kẹ̀kẹ́ kékeré tó ṣeé ká ni mò ń gbé. Bí mo bá ń dúró de ọkọ̀, mo máa ń tẹ bíréèkì rẹ̀, n ó sì yí i kí ó dúró ní ìbú, kí iwájú rẹ̀ má kọjú sí irin. Kí ọkọ̀ tó dé, mo ti pọn ọmọ, mo ti ká kẹ̀kẹ́, ọwọ́ mi kan sì ṣófo láti di ilẹ̀kùn mú. Ẹ má fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà inú kóòṣì, torí ibẹ̀ ni gbogbo èrò ń gbà.

Ní ti ìjókòó, ìdí kóòṣì ni wọ́n fún mi nígbà àkọ́kọ́. Mo rò pé ó dáa torí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nítòsí. Àṣé ibẹ̀ ló burú jù fún ọmọ tó fẹ́ sùn. Orí méjèèjì kóòṣì ni ẹsẹ̀ irin rẹ̀ wà, nítorí náà ibẹ̀ ni ariwo àti ìgbọ̀nrìrì ti pọ̀ jù. Ilẹ̀kùn náà ò sì yéé ṣí, ó ń pa dé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ọmọ mi ta jí kí a tó dé Abẹ́òkúta. Nígbà kejì, mo bẹ ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì pé kó fún mi ní àárín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ìjókòó jẹ́ méjì-méjì. Ọmọ sùn láti Omi-Àdìó títí a fi kọjá Pápáláńtò.

Ìrìn náà máa ń tó wákàtí méjì ààbọ̀. Mo máa ń pààrọ̀ pámpásì ní ibùdókọ̀ kí a tó wọlé, torí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú ọkọ̀ há, ó sì ń mì. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ fún ọmọ, ẹ mú aṣọ ìborùn, ẹ̀rọ amúlétutù inú kóòṣì kì í ṣeré. Ẹ̀kọ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni mò ń gbé dání. Mi ò kí ń fún un lóúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó má baà bì.

Bí ọkọ̀ bá ti fi Agége sílẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù, kí ẹ tún ọmọ pọ̀n. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń kánjú kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà tí mo bá ti jìnnà sí etí irin ni mo tó ń ṣí kẹ̀kẹ́.