Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí iyán tó dé

Àkúrẹ́, Ọjọ́bọ̀, alẹ́.

Lálẹ́ ọ̀la, ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò kan, ènìyàn 18, yóò jọ jẹun fún ìgbà ìkẹyìn nílùú yìí kí oníkálukú tó gba ilé rẹ̀ lọ. Ọjọ́ 3 ni ìrìn náà: ọjọ́ kìn-ín-ní ní Àkúrẹ́, ọjọ́ kejì lórí Òkè Ìdànrè, ọjọ́ kẹta ní Ọ̀wọ̀. Wọ́n ti ní kí ẹnì kan nínú wọn dìde dúpẹ́ lọ́wọ́ amọ̀nà àti lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jọ rìn. Láti àárọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́kàn mi, torí pé ó kéré lójú, bẹ́ẹ̀ ibi tó ti lè bàjẹ́ pọ̀.

Ibi àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Ta ló wà níjòókòó? Dírẹ́bà sábà máa ń jẹ tirẹ̀ nítòsí ọkọ̀, á sì tètè wá ibi tó máa sùn sí, nítorí pé ìdájí ló máa wà nídìí ọkọ̀. Amọ̀nà tó bá jẹ́ ará Ìdànrè ní nǹkan bí 20 kìlómítà láti rìn kó tó délé, kò sì ní fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú jù kó tó gbéra. Bí a bá dúró dìgbà tí gbogbo ènìyàn ti yó, tí wọ́n ti fọwọ́, tí àwọn kan ti wọlé lọ di ẹrù, àga tó ṣófo la óò máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni bí iyán bá ti délẹ̀ tó ń yọ èéfín, kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ̀rọ̀. Èrò tèmi ni pé kí ẹnì kan lọ bá àwọn tó ń dáná ní nǹkan bí aago 7, kó ní kí wọ́n fún wọn ní ìṣẹ́jú 10 sí i kí wọ́n tó gúnyán. Kí ẹlòmíì jáde lọ pe dírẹ́bà àti amọ̀nà wọlé, kí ó sì fún wọn ní àga láàárín àwọn yòókù. Kí wọ́n má ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè wá gbọ́ ẹjọ́.

Ìkíni ló kàn. Nínú èdè wa, ìkíni kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣí ọ̀rọ̀ lásán, ó jẹ́ ìdajì ọpẹ́ náà. Ẹni tó bá sọ fún amọ̀nà pé “ẹ ṣeun” nìkan ti dúpẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní “ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú sùúrù” ti ka iṣẹ́ mẹ́ta tí ó rí sí i lọ́rùn. Dírẹ́bà ni ó ni “ẹ kú ewu ọ̀nà”, kò yẹ kí a fún ẹlòmíì ṣáájú rẹ̀. Àwọn tí a jọ rìn ni “ẹ kú ìrìn”. Nípa ọjọ́ orí, tí amọ̀nà bá tilẹ̀ kéré sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní ogún ọdún, “ẹ” ni kí ó fi bá a sọ̀rọ̀ lálẹ́ yẹn. Àgbà tó ń pè é ní “ìwọ” láti àárọ̀ kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n níwájú èrò, “ẹ” yẹn gan-an ni iyì tí a fẹ́ fún un.

Òwe ńkọ́? Ẹyọ kan tó. Bí olùsọ̀rọ̀ bá ní “Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́”, kí ó dákẹ́ díẹ̀, ilé á parí rẹ̀ fún un pé “bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni”. Ìdáhùn yẹn máa ń jí àwọn tó ti ń tẹ fóònù. Òwe kejì àti ìkẹta ló ń sọ ọpẹ́ di ìwàásù.

Ibi tí mo rò pé ọ̀rọ̀ náà gbé wà gan-an ni ohun tí a fi dúpẹ́. “Ẹ tọ́jú wa dáadáa, ẹ mọ ìtàn” lè bá amọ̀nà èyíkéyìí mu, níbikíbi láyé, nítorí náà kò dé ara ẹni tí a ń sọ ọ́ sí. Ohun kan ni kí a mú, ohun tí ó ṣe tí kò sí nínú owó tí a san, kí a sọ ọ́ bí ó ṣe rí. Àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè lé ní 600. Ibi ìsinmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí àwọn tó ń gùn ún ti máa ń dúró mí, ibẹ̀ la sì ti ń mọ amọ̀nà tó mọ iṣẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á gòkè lọ pẹ̀lú àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá, á wá máa dúró de ìyókù lókè. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á máa wo ẹni tó kẹ́yìn. Bí ó bá jókòó ti ẹni tí orúnkún ń dùn níbi ìsinmi, ó ti fún olùsọ̀rọ̀ ní gbogbo ohun tí ó nílò.

Àwọn kan á fẹ́ ka gbogbo ohun tí wọ́n rí: ààfin Déjì, ààfin àtijọ́ lókè, mùsíọ́ọ̀mù Ọ̀wọ̀. Òtítọ́ ni pé wọ́n ti kọ orúkọ Òkè Ìdànrè sínú ìwé àwọn ibi tí Yùnẹ́skò lè yẹ̀ wò láti kà mọ́ ogún àgbáyé láti ọdún 2007, ṣùgbọ́n amọ̀nà ló sọ ọ́ fún wọn. Bí a bá tún kà á padà sí i létí, ìdánwò la ń ṣe, a kò dúpẹ́. Bí ó bá sì ti ṣi ọdún kan sọ, alẹ́ ìdágbére kọ́ ni a óò tún un ṣe.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà rí báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ lè fi orúkọ amọ̀nà rẹ̀ sí ibi tí mo kọ “Bàbá wa” sí:

“Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin tí a jọ rìn, ẹ kú alẹ́, ẹ kú ìrìn. N kò ní pẹ́ lórí ìdúró.

“Bàbá wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú sùúrù. Lánàá, lórí àtẹ̀gùn Ìdànrè, orúnkún ìyá wa kan kò fẹ́ gbé wọn mọ́. Ẹ kò ní kí wọ́n padà. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ ní kí àwọn ọ̀dọ́ máa lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ ń fi ìtàn dá wọn lára yá títí wọ́n fi dìde fúnra wọn. Nígbà tí a dókè, gbogbo wa pé. A kò ní gbàgbé rẹ̀. A dúpẹ́, Bàbá.

“Ọ̀gá dírẹ́bà, ẹ kú ewu ọ̀nà. Láàárọ̀ yìí tí à ń pariwo pé a ti pẹ́, ẹ kò torí ariwo wa sáré. A dé Ọ̀wọ̀, a sì padà dé láìfarapa. A dúpẹ́.

“Ẹ̀yin tí a jọ rìn, omi tí ẹ pín láàárín ara yín lórí òkè, ìjókòó iwájú tí ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn àgbà, gbogbo rẹ̀ la rí. Ẹni tí a bá kanra mọ́, tàbí tí a mú dúró pẹ́, ẹ má bínú, ẹ fi orí jì wá.

“Ọ̀nà á là fún wa lọ́la, a óò bá ilé láyọ̀, a óò sì tún fi ayọ̀ rí ara wa. Ẹ ṣeun o.”

Bí a bá kà á sókè pẹ̀lú sùúrù, tí a fi àyè sílẹ̀ fún “àmín” àti àtẹ́wọ́, kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú 3 lọ. Kí olùsọ̀rọ̀ fi aago fóònù wọ̀n ọ́n nínú yàrá lẹ́ẹ̀mejì. Kí ó má ṣe kà á láti ojú fóònù níwájú èrò, ìmọ́lẹ̀ á mú un tẹ orí ba. Ìlà mẹ́rin lórí ìwé kékeré, tí a fi báírò kọ gàdàgbà, ti tó: orúnkún, ọ̀nà Ọ̀wọ̀, omi, ọ̀nà á là. Iná lè lọ láàárín ọ̀rọ̀, bí wọ́n bá sì tan jẹnẹrétọ̀, ariwo rẹ̀ á gba ohùn mọ́ ọn lẹ́nu. Kí ó dúró kí ariwo rọlẹ̀, tàbí kí ó sún mọ́ àárín, ó sàn ju kí ó máa pariwo lọ.

Ẹ kíyè sí i pé mi ò dárúkọ ìyá tí orúnkún ń dùn. Kí a béèrè lọ́wọ́ wọn ṣáájú, nítorí pé oore amọ̀nà lè di ìtìjú ẹlòmíì. Mi ò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó pín omi. Bí a bá dárúkọ mẹ́ta nínú 18, àwọn 15 tó kù á máa wá tiwọn.

Ewu kan tún wà tó jẹ́ ti Ìdànrè nìkan. Àwọn amọ̀nà máa ń mú àlejò dé ibi ẹsẹ̀ Agbóògùn, ojú ẹsẹ̀ kan lórí àpáta. Wọ́n ní ó máa ń gba ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn, ńlá àti kékeré, àfi ti àjẹ́. Gbogbo ẹgbẹ́ ló máa ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn, ẹni tó fẹ́ pa èrò lẹ́rìn-ín á rántí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wọ̀ ọ́ dáadáa. Jọ̀ọ́, kí ó gbé e mì. Ohun tó jẹ́ eré lókè ní ọ̀sán máa ń di ẹ̀sùn nígbà tí a bá fi máìkì sọ ọ́ lálẹ́, obìnrin tí a sọ ọ́ sí á sì gbé e délé.

Àdúrà inú ọ̀rọ̀ náà kúrú nítorí pé Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì máa ń pọ̀ nínú irú ẹgbẹ́ báyìí. “Ọ̀nà á là” gba gbogbo wọn, gbogbo wọn á sì ṣe àmín. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ orin ìjọ kan, àwọn kan á máa wo ilẹ̀.

Ti owó, kí wọ́n ti dá a láti ọ̀sán, kí ẹnì kan gbà á, kí ẹlòmíì bá a kà á. Àpòòwé méjì ni, ti amọ̀nà lọ́tọ̀, ti dírẹ́bà lọ́tọ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan tí wọ́n ní kí wọ́n pín, wọ́n ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹni méjì tí yóò tún jọ ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. A kì í sọ iye rẹ̀ síta, a kì í sì í fún wọn nígbà tí ọ̀rọ̀ ń lọ lọ́wọ́. Lẹ́yìn àtẹ́wọ́, kí àbíkẹ́yìn nínú ẹgbẹ́ mú un lọ bá wọn níjòókòó, kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn.

Bí ó bá ti jókòó tán tó wá rántí pé òun kò dárúkọ àwọn tó ń dáná, kí olùsọ̀rọ̀ má ṣe padà sídìí máìkì. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n wà, wọ́n ti ń gúnyán. Kí ó rìn lọ bá wọn nídìí odó, kó kí wọn kú iṣẹ́.