Wọ́n pè mí ní òpùrọ́ nítorí orúkọ ipò tí báǹkì fún mi: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ báǹkì rí l'Ékòó, tẹ́ ẹ wá ń wáṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó fi síífíì yín ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń ta mí lára.

Obìnrin kan tó ń bá àwọn báǹkì wá òṣìṣẹ́ ló pè mí lórí fóònù. Ó ní, "O kọ ọ́ síbí pé ẹ̀sẹ́kútífù ni ọ́ lọ́dún tó o jáde ní yunifásítì." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀sẹ́kútífù tiréní. Ó bi mí pé òṣìṣẹ́ mélòó ló wà lábẹ́ mi. Mo ní kò sí. Ó ní ṣé ìgbìmọ̀ olùdarí ni wọ́n ń kọ́ mi láti wọ̀ ni? Mo ní rárá, mo fẹ́ ṣàlàyé, kò jẹ́ kí n parí gbólóhùn kan. Ó ní àwọn kì í gbé síífíì tí ẹni tó ni ín ti bu iyì kún lọ fún oníbàárà àwọn. Ó sì gé fóònù. Ọkọ mi wà níbẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èmi tí n kò purọ́ gba iṣẹ́ rí! Orúkọ yẹn ló wà nínú lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ mi, òun ló wà lára káàdì tí mo ń fi kọ́rùn. Èmi kọ́ ni mo sọ ara mi bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n: ní ọ̀pọ̀ báǹkì Nàìjíríà, ẹ̀sẹ́kútífù tiréní ni akẹ́kọ̀ọ́jáde tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Ní báǹkì tèmi, asísítáǹtì báńkíǹ ọ́físà ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà báńkíǹ ọ́físà, síníọ̀ báńkíǹ ọ́físà, kó tó kan asísítáǹtì máníjà. Nínú báǹkì kan náà, ẹ̀sẹ́kútífù dáírẹ́kítọ̀ wà lókè téńté, ó ń jókòó pẹ̀lú ìgbìmọ̀ olùdarí, Báǹkì Àpapọ̀ sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó dé ipò náà. Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ní irú rẹ̀. Nínú iṣẹ́ ìjọba wọn, ẹ̀sẹ́kútífù ọ́físà kéré sí háyà ẹ̀sẹ́kútífù ọ́físà, ìyẹn náà kéré sí síníọ̀. Ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà wọn ń pe ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní àkáǹtì ẹ̀sẹ́kútífù. Ṣùgbọ́n báǹkì Amẹ́ríkà ni obìnrin yẹn ń wá òṣìṣẹ́ fún, lọ́dọ̀ àwọn Amẹ́ríkà sì rèé, ọ̀gá àgbà ni wọ́n sábà máa ń pè ní ẹ̀sẹ́kútífù.

Nítorí náà, lábẹ́ orúkọ ipò kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìlà kan tó máa fi àyè yín hàn lórí àkàbà: ìpele kelòó, ta lẹ̀ ń jábọ̀ fún, ta ló ń jábọ̀ fún yín, kí lẹ lè fọwọ́ sí. Báyìí ni tèmi rí báyìí: "Ẹ̀sẹ́kútífù tiréní: ìpele àkọ́kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́jáde, mo ń jábọ̀ fún máníjà ẹ̀ka, kò sí òṣìṣẹ́ lábẹ́ mi." Lẹ́yìn náà: "Asísítáǹtì máníjà: ìpele karùn-ún; òṣìṣẹ́ mẹ́ta lábẹ́ mi; mo ń yẹ ìbéèrè ẹ̀yáwó àwọn oníṣòwò kékeré wò, ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ló ń fọwọ́ sí i." Ẹni tó bá ka èyí kò ní béèrè ohun tí obìnrin yẹn bi mí.

Ẹ má yí orúkọ náà fúnra rẹ̀ padà o. Àwọn kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n kọ ánálísìtì rọ́pò rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ̀wé sí báǹkì yín àtijọ́ láti wádìí, orúkọ ipò àti ọjọ́ tẹ́ ẹ wọlé tẹ́ ẹ jáde ni wọ́n sábà máa ń fi dáhùn. Tí kò bá bára mu, ẹ ti sọ ara yín di òpùrọ́ lóòótọ́ nìyẹn.

Àkàbà yìí kan náà ni kẹ́ ẹ fi wo iṣẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ fún yín. Nígbà tí báǹkì mìíràn fẹ́ gbà mí ní ánálísìtì, mo béèrè ẹni tó wà nípò náà lọ́wọ́lọ́wọ́. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni. Asóṣíéètì ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà fáìsì-pùrẹ́sídẹ́ǹtì, dáírẹ́kítọ̀, kó tó kan mánéjìn dáírẹ́kítọ̀. Fáìsì-pùrẹ́sídẹ́ǹtì tó ń dẹ́rù bà wá wọ̀nyẹn, àárín ni wọ́n wà! Mo fi ìlà mi hàn wọ́n, wọ́n sì gbà mí ní asóṣíéètì. Mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ báyìí.

Kí asóṣíéètì náà má sì tàn yín. Ní McKinsey, ilé iṣẹ́ tó ń gba àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn nímọ̀ràn, ẹni tó ti gba ẹ̀mbíéè ló sábà máa ń jẹ́ ẹ. Ní BCG, akẹ́kọ̀ọ́jáde tuntun ni, iṣẹ́ ìmọ̀ràn kan náà sì ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Ẹ bi wọ́n pé ta ló wà lábẹ́ ipò náà, ta ló wà lókè rẹ̀. Tí wọn ò bá lè dáhùn, ẹ ní kí wọ́n fi iye owó oṣù àti orúkọ ipò ẹni tẹ́ ẹ máa jábọ̀ fún ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé.