Mítì páì tàbí pọ́fùpọ́fù: èwo ló ń mówó wọlé?

Ìpápánu ni mò ń ṣe tà ní Bódìjà, n'Íbàdàn: mítì páì, pọ́fùpọ́fù, ẹ́gírọ́ọ̀lù àti ṣínṣín. Àpò kan náà ni owó gbogbo wọn ń wọ̀, ó sì ṣòro láti mọ èyí tó ń bọ́ èkejì. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí n ya ìṣirò wọn sọ́tọ̀, kí n sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ojú kì í tètè tó, ìyẹn òróró àti gáàsì.

Mo máa ń wọn òróró kí n tó dà á sínú agbada, n ó tún wọn èyí tó kù nígbà tí mo bá dín tán. Sílíńdà gáàsì náà ń gun òṣùwọ̀n ṣáájú iṣẹ́ àti lẹ́yìn iṣẹ́. N kì í ka owó ìsọ̀ mọ́ ọjà kankan níbí, torí bí mo bá yọ ọjà kan lónìí, onílé ṣì máa gba owó rẹ̀ pé.

₦700 ni mò ń ta mítì páì kan, ₦480 ni mo ń ná lé e lórí. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦220. Pọ́fùpọ́fù kan jẹ́ ₦100, ìnáwó rẹ̀ ₦65, èrè rẹ̀ kò ju ₦35 lọ. Ẹni tó bá ti ibí dìde á ní mítì páì ló ń pawó. Ṣùgbọ́n 40 là ń yan lójúmọ́, nǹkan bíi 34 ló ń tà. Owó 34 jẹ́ ₦23,800. Ìnáwó 40 jẹ́ ₦19,200. ₦4,600 ló kù, lẹ́yìn iṣẹ́ wákàtí mẹ́rin. Pọ́fùpọ́fù 200 ń mú ₦7,000 wá láàárín wákàtí méjì, kì í sì í kù sílẹ̀.

Síbẹ̀, n kò yọ mítì páì kúrò. Mo ń kọ ohun tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan rà pa pọ̀, mo sì rí i pé àwọn tó ń ra mítì páì ló ń kó ṣínṣín lọ sílé. Mo dín in kù sí 20, fún àwọn tó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn fẹ́. Nítorí pé kò sí èyí tó ń ṣòfò mọ́, 20 yẹn ń mú ₦4,400 wá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti 40, àkókò tó ń gbà sì dín ní nǹkan bí ìdajì.

Àkókò tó ṣẹ́kù ni mo fi ń dín pọ́fùpọ́fù ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá ń jáde. 100 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, n kò sì fi kún un títí tó fi ń tán lójoojúmọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Òun náà ni mo gbé síwájú dígí báyìí.

Ẹ́gírọ́ọ̀lù ni mo dáwọ́ rẹ̀ dúró. Odindi ẹyin kan ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń mu òróró gan-an, àwọn tó ń rà á kì í sì í ra nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Bí iye kíréètì ẹyin bá wálẹ̀, n ó tún un ṣírò.