Owó ọmọ ilé ìwé, kólò àti àwìn ẹnu géètì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tísà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹ ò ní pẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí pé, "Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá ọmọ yìí wí, kò mọ owó tọ́jú." Ẹ má tíì bá ọmọ wí. Ẹ kọ́kọ́ bi ìyá tàbí bàbá rẹ̀ pé èló ni wọ́n ń fún un láràárọ̀, kí ẹ sì bi wọ́n pé báwo ni owó náà ṣe rí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìbéèrè kejì yẹn. Ọmọ tí a fún ní ₦200 oníwèé kan ṣoṣo kò lè yọ nǹkan kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ àyàfi tó bá kọ́kọ́ ná an. Ó di ọ̀dọ̀ ìyá onípọ́fù-pọ́fù kó tó rí ṣéńjì, ìyá yẹn yóò sì ní kò sí ṣéńjì, kó fi ₦50 tó kù mú súwíìtì. Owó kólò ti wọnú ẹnu nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ₦100 kan àti ₦50 méjì la fún un, ó lè ju ₦50 kan sínú kólò kó tó wọ sálúbàtà rẹ̀. Nǹkan àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé owó ìpamọ́ ọmọdé ní láti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó jáde nílé. Èyí tí a bá ní kó mú bọ̀ láti ilé ìwé kì í délé. Ìyá tó ń tajà ní Sábó tàbí lágbègbè Tàkíé kì í wá owó wẹ́wẹ́ tì. Ẹni tó ń gbowó oṣù ni kó yáa ṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ Sunday.

Ohun tí a ó fi tọ́jú rẹ̀ ńkọ́? Kólò onígi tí kápẹ́ńtà kàn pa dára fún ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí ikán wà, nítorí ikán ń jẹ owó bébà bó ṣe ń jẹ ìwé. Fún ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní àti èkejì, ike tí a ń rí inú rẹ̀ ni mo fara mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà fẹ́ fojú rí i pé owó òun ń pọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì péré sì ti tó fún un láti dúró. Bí ẹ bá ní kó dúró di ìparí táàmù, yóò ti gbàgbé ohun tó ń tọ́jú owó fún.

Káàdì ni mo máa ń fi kún un láti kíláàsì kẹta lọ sókè. Gbogbo ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń dá àjọ ló ti rí káàdì alájọ rí, wọ́n sì mọ̀ pé ojú kan ni a ń sàmì sí fún owó kan. Mo máa ń ya irú rẹ̀ sórí páálí fún wọn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé alájọ a máa mú owó ọjọ́ kan láàárín oṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní í mú nǹkan kan nínú ti ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọbìnrin kan ní kíláàsì kẹrin. Ike omi kan ló wù ú, ₦2,000 ni wọ́n ń tà á. ₦200 ni ìyá rẹ̀ ń fún un lójúmọ́, ó sì gbà láti máa yọ ₦50. A ya ojú márùn-ún sórí ìlà kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n ń wá sílé ìwé, ìlà mẹ́jọ. Ojú ogójì nìyẹn, ₦2,000 géérégé. Táàmù kan máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjìlá, nítorí náà àyè ṣì wà bí ọjọ́ kan tàbí méjì bá fò.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹta parí, ìlà mẹ́ta ti kún, ₦750 wà nínú kólò, inú ìyá ọmọ ń dùn. Àfi bí ìyá tó ń ta bùnsì lẹ́nu géètì ṣe pè mí lọ́jọ́ kan pé, "Tísà, ọmọ yín jẹ mí ní ₦300 o." Ó ti ń ra àwìn! Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ máa wò gan-an rèé, nítorí kólò tó ń kún lè fi gbèsè pamọ́. Ẹ máa bi àwọn olóúnjẹ ẹnu géètì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa wo ọmọ náà: bó bá ń tòògbé kí bírékì tó dé, tàbí tó ń na ọwọ́ sí oúnjẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ebi ló ń fi pa owó mọ́.

Bí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ṣe rí náà nìyẹn. Kì í jẹun kó tó kúrò nílé, ₦150 kò sì tó gbé e dé ìgbà tí wọ́n ń jáde. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ẹ̀kọ mímu àti àkàrà láàárọ̀. Ní ti gbèsè, mo ní kí wọ́n yọ ₦300 nínú kólò lójú ọmọ, kí òun fúnra rẹ̀ lọ san án, kí a sì fagi lé ojú mẹ́fà lórí káàdì. Àwọn kan sọ pé ó le jù fún ọmọdé. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀: bí ìyá bá bá a san án, owó kólò kò dín, àwìn náà kò sì dun ọmọ. Ó ku ojú mẹ́sàn-án, ₦450. Ọ̀sẹ̀ kẹwàá ló tó rí owó náà kó pé.

Ike ti di ₦2,300 nígbà yẹn. Ọmọ tò ₦50 rẹ̀ sórí tábìlì ìyá tó ń ta ike náà ní mẹ́wàá mẹ́wàá, ọ̀nà mẹ́rin, ó ní, "Ìyá, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́." Wọ́n já a sí ₦2,200, ìyá rẹ̀ sì fi ₦200 kún un. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí òbí fi kún un. Bó bá ti ṣèlérí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ yóò kàn máa dúró de ti ìyá rẹ̀ ni.

Ẹ má bá ọmọ kankan tọ́jú owó sínú dúrọ́ọ̀ yín o. Káàdì ni kó wà lọ́dọ̀ yín, kí owó wà nílé. Kí òbí náà má sì máa tú kólò ra ata láìsọ. Bó bá di dandan kó yá nínú rẹ̀, kó kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì pẹ̀lú ọjọ́ tí yóò dá a padà, lójú ọmọ. Mo ti rí ọmọ tí kò ju kọ́bọ̀ sínú kólò mọ́ nítorí pé bàbá rẹ̀ yá ₦500 níbẹ̀ tó sì dákẹ́.

Owó Iléyá àti ti Kérésì yàtọ̀ sí èyí, nítorí ọmọ lè rí ₦3,000 lọ́jọ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́ àlejò. "Mú un wá kí n bá ẹ tọ́jú ẹ̀" ni ọ̀pọ̀ ìyá máa ń sọ, ọmọ kì í sì í rí i mọ́. Mo máa ń gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n jọ kà á, kí wọ́n fún ọmọ ní díẹ̀ kó fi ṣọdún, kí wọ́n sì kọ èyí tó kù sórí káàdì tuntun ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an.